Òwò ìpékeré lópin ọ̀sẹ̀: èwo ni èrè, èwo ni owó iṣẹ́ ọwọ́ yín?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí n'Íbàdàn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń dín ìpékeré tà lópin ọ̀sẹ̀. ₦250,000 ni mo fi ra ohun èlò. Mo ń ta ọjà ₦288,000 lóṣù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì àti ọ̀rá ń gba ₦180,000, èrè mi wá jẹ́ ₦108,000. Ọ̀rẹ́ mi ní oṣù mẹ́ta péré ni owó mi fi padà, pé kí n yá ₦180,000 ra ẹ̀rọ oníná tí ń rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ mí, n kò sì rí owó náà kó jọ. Wákàtí mẹ́jọ ni mo ń lò ní Sátidé. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òwò yìí ń pé mi?*

Ẹ ṣeun tí ẹ fèsì sí àwọn ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Bí kì í bá ṣe ti owó ọkọ̀, iye ọ̀rá tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń dá padà, àti wákàtí tí ẹ ń lò lẹ́yìn Sátidé tí ẹ kọ ránṣẹ́, ìṣirò yìí ì bá má fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ nìyí: òwò yín kì í ṣe òwò àdánù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń pè ní èrè, owó iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Èyí tí owó tí ẹ dá sínú òwò náà ń pa fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ₦15,000 lọ lóṣù. Ẹ má yá owó ra ẹ̀rọ náà. Ohun méjì mìíràn wà tó máa ṣe yín láǹfààní jù ú lọ, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún owó ìbẹ̀rẹ̀ kà. ₦250,000 tí ẹ kọ jẹ́ owó sítóòfù, sìlíńdà gáàsì, agbada, irinṣẹ́ ìrẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ tí ń lẹ ẹnu ọ̀rá, òṣùwọ̀n àti abọ́. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ nìkan kò lè dín ìpékeré. ₦60,000 ni ẹ fi ra ọjà àkọ́kọ́, ẹ sì sọ pé ẹ fa ₦50,000 yọ nínú owó oṣù yín ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, torí pé àwọn onísọ́ọ̀bù kò tíì san owó ọjà tí ẹ ti kó fún wọn. ₦50,000 yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Kò sí lára irinṣẹ́, kò sì hàn nínú èrè. Owó tó ń gbé inú àwìn ni, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ bá pa òwò náà tì, torí bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ti ń san gbèsè tòní ni òmíràn ń jẹ tọ̀la. Àpapọ̀ owó tí òwò yìí gbà lọ́wọ́ yín jẹ́ ₦360,000.

Ẹni tó bá ń gbèrò láti kó ọjà lọ sí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá gbọ́dọ̀ fi owó ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC kún owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin béèrè nọ́ńbà wọn lórí oúnjẹ tí a bá dì sínú ọ̀rá tà, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì náà kì í sì í gbà á láìsí i. N kò tíì fi sínú ìṣirò tiyín.

Ó kan èrè. Ẹ ń kó ọ̀rá 720 jáde lóṣù ní ₦400 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 180 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan fún Sátidé mẹ́rin. Iye tí ẹ kọ pé ẹ tà, iye tó kúrò nílé ni, kì í ṣe iye tí wọ́n san. Ẹ sọ pé ọ̀rá 36 ló máa ń padà wá lóṣù, èyí tó rọ̀, tàbí tó ti ń rùn òróró. ₦14,400 nìyẹn. Owó ọkọ̀ láti Bódìjà àti ti ọkọ̀ tí ẹ fi ń pín ọjà jẹ́ ₦4,000 lọ́sẹ̀, ₦16,000 lóṣù. Bí a bá yọ méjèèjì kúrò nínú ₦108,000, ó ku ₦77,600.

Lẹ́yìn èyí, irinṣẹ́ ń gbó. Ká ní ohun èlò ₦250,000 yìí yóò lo ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì rí ₦70,000 lórí rẹ̀ bí ẹ bá tà á ní àlòkù. ₦180,000 ló jóná láàárín oṣù 36, ₦5,000 lóṣù. Mo fi bí ìdajì kún un, mo sọ ọ́ di ₦7,600, nítorí iye tí ẹ ra sìlíńdà àti agbada kọ́ ni ẹ óò rí i rà lọ́dún mẹ́ta sí i. Kì í ṣe owó tí ẹ ń ná lónìí, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá yà á sọ́tọ̀, ọjọ́ tí agbada bá jò, owó oṣù yín ni yóò rà á. Ó ku ₦70,000.

Ọmọ àbúrò yín tó ń bá yín bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó sì ń bá yín kó ìpékeré sínú ọ̀rá, ẹ kò san kọ́bọ̀ fún un. Mo mọ̀ pé ilé kan náà ni yín. Ṣùgbọ́n ọdún ń bọ̀ tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọjọ́ yẹn ni ẹ óò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ní iye. Bí ẹ bá pe ọmọ àdúgbò kan, ẹ ní kò lè gbà kó dín sí ₦3,000 ní ọjọ́ kan. ₦12,000 lóṣù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kódà bí ẹ kò bá tíì san án, nítorí òwò tó jẹ́ pé ọmọ ilé ló gbé e dúró kò tíì dúró fúnra rẹ̀. Ó ku ₦58,000.

Ẹ wo wákàtí wàyí. Wákàtí mẹ́jọ ti Sátidé ni ẹ kà, bẹ́ẹ̀ apá kan ni. Nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ń gba wákàtí méjì ààbọ̀ fún ọjà. Sátidé, mẹ́jọ. Ọjọ́ Àìkú, mẹ́ta fún wíwọ̀n, dídì àti lílẹ ẹnu ọ̀rá. Pípín ọjà láàárín ọ̀sẹ̀, mẹ́ta. Gbígba owó, pípe fóònù, pípadà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní "ẹ padà wá lọ́la", wákàtí kan ààbọ̀. Wákàtí 18 lọ́sẹ̀ ni, 72 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí ló fà á tó fi ń rẹ̀ yín: ẹ rò pé ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni ẹ fi ń ṣe é, ó ti jẹ ọjọ́ méjì odindi àti díẹ̀ lára àwọn tó kù.

Bí ẹ bá fi wákàtí 32 ti Sátidé nìkan pín ₦108,000, ẹ óò rò pé ₦3,375 ni ẹ ń pa ní wákàtí kan. Bí a bá fi 72 pín ₦58,000, ₦805 ló jẹ́. Iye kejì yìí ni kí ẹ máa fi ṣe ìpinnu.

Ṣé ₦805 dára? Ohun tí wákàtí yẹn lè pa níbòmíràn ló máa sọ. Ẹ má fi owó oṣù yín pín wákàtí ọ́fíìsì kí ẹ wá sọ pé iye tí wákàtí yín tó nìyẹn, torí ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ra wákàtí ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ yín. Iye tí ẹnì kan ṣe tán láti san nítòótọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ sọ fún mi pé alásè kan máa ń pè yín pé kí ẹ wá bá a dín nǹkan níbi ìnáwó, ₦5,000 fún wákàtí mẹ́jọ. Ìyẹn jẹ́ ₦625. Bí a bá yọ ọkọ̀ díẹ̀, ₦600. Kí ẹ lè mọ ibi tí iye yìí wà: owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000, bí a bá sì pín in sí wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ₦400 ní wákàtí kan. Nítorí náà ₦600 kì í ṣe àsọdùn, kì í sì í ṣe ìyà.

Bí òwò náà bá san ₦600 fún yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ₦43,200 lóṣù ni owó iṣẹ́ yín. Nínú ₦58,000, ó ku ₦14,800. Èyí nìkan ni èrè tí ₦360,000 yín ń pa. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò:

```
(58,000 - 72 × 600) ÷ 360,000 = 0.041
```

Ìdá mẹ́rin àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù nìyẹn. Ọ̀rẹ́ yín fi ₦250,000 pín ₦108,000, ó rí ìdá 43. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó fi agbára yín, agbára ọmọ àbúrò yín àti owó tó wà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù ṣe ọ̀fẹ́.

Ti oṣù mẹ́ta tó sọ nípa ìgbà tí owó yóò padà ńkọ́? Ìdáhùn méjì ló wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí owó gidi tó jáde ní àpò yín fi wọlé padà láìka agbára yín sí, ẹ kò ní yọ owó irinṣẹ́ tó ń gbó, torí ẹ ti san an níbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ka owó olùrànlọ́wọ́ sí èyí tí ẹ ti san, ₦65,600 lóṣù nìyẹn, yóò sì gba nǹkan bí oṣù márùn-ún ààbọ̀. Bí ẹ bá san owó iṣẹ́ yín fún ara yín kí ẹ tó kà á, ₦22,400 ló kù lóṣù, ó di oṣù 16. Ẹ ti lo mẹ́jọ. Ẹ wà ní ìdajì ọ̀nà.

Ìdá mẹ́rin lóṣù yìí kò burú rárá bí a bá fi wé owó tí a kó sí báńkì tàbí tí a fi ra tírésúrì bíìlì. Kódà bí ìyẹn bá mú ìdá ogún wá lọ́dún, ₦6,000 lóṣù ni yóò jẹ́ lórí ₦360,000. Ṣùgbọ́n owó tó wà ní báńkì kì í ní ìgbà ọ̀wọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yín wà.

Ẹ pín ₦14,800 sí ọ̀rá 720. Ó lé díẹ̀ ní ₦20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èrè owó yín lórí ọ̀rá ìpékeré kan kò ju nǹkan bí ogún náírà lọ. Ẹ ń ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ní ₦6,000 ìdì kan. Bí ìdì kan bá fi ₦925 gorí iye yẹn, ₦14,800 náà ti tán, owó iṣẹ́ yín nìkan ló kù. Bí ó bá di ₦9,000, ìnáwó yín ti fi ₦48,000 lé sí i lóṣù, ₦58,000 wá di ₦10,000, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí kan gba ₦139. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ó máa ń pọ̀ lọ́jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń wọ́n nígbà tí òjò bá ti wọlé dáadáa. Ẹ tún wo ọdún yín: bí ẹ bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta tó wọ́n jù, tí ẹ sì dín in fún oṣù mẹ́sàn-án tó kù, ₦133,200 ni èrè owó yín lọ́dún, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fi agídí dín in nínú oṣù mẹ́ta yẹn ní ₦400 kan náà, oṣù kọ̀ọ̀kan yóò jẹ ₦33,200 nínú èrè tí àwọn oṣù tó dára kó jọ.

Ọ̀pọ̀ alájàpá ìpékeré máa ń fi dídín ìwọ̀n kù bo ọ̀wọ́n mọ́lẹ̀: gíráàmù 50 á di 40. N kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá dín ìwọ̀n kù, ẹ yí iye gíráàmù tí ẹ kọ sára ọ̀rá padà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ni iye owó tí ẹ ń tà á. Ọ̀rá kan ń ná yín ní ₦250, ẹ sì ń rí ₦150 lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí ₦450, ẹ óò rí ₦200. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rá 540 ní ₦450 yóò mú ₦108,000 kan náà wá tí ọ̀rá 720 ń mú wá ní ₦400. Ẹ lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn oníbàárà yín kí iye yẹn tó yí padà, ọ̀rá 180 tó kúrò yẹn sì jẹ́ odindi Sátidé kan. Ẹ tẹ̀ lé e lọ síwájú: Sátidé mẹ́ta dípò mẹ́rin, owó ọkọ̀ di ₦12,000, owó olùrànlọ́wọ́ di ₦9,000, ọ̀rá tó ń padà di 27, ìyẹn ₦12,150, irinṣẹ́ ṣì jẹ́ ₦7,600. Ó ku ₦67,250. Wákàtí yín ti di 54. ₦1,245 ní wákàtí kan nìyẹn, dípò ₦805, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan fún ìsinmi. Owó yín náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti san ₦600 fún ara yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ń pa ₦34,850, ó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò dájú pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni yóò gbà. Ẹ má yí i padà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí ọjà yín ń yá jù, tí wọ́n sì ń sanwó lásìkò, ẹ fi ₦450 dán an wò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ka iye tí wọ́n tà, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Bí iye tí wọ́n tà kò bá já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, iye tuntun ti dúró. Bí ó bá já jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dá a padà sí ₦400 níbẹ̀, kò tíì ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rọ oníná náà. Ìbéèrè tí a máa ń bi ẹ̀rọ kì í ṣe bóyá ó yára, bí kò ṣe wákàtí tí yóò bá wa yọ kúrò lóṣù. Rírẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gba yín ní wákàtí kan ààbọ̀ nínú wákàtí mẹ́jọ Sátidé. Ká ní ẹ̀rọ náà yọ wákàtí kan kúrò níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin lóṣù, ₦2,400. ₦180,000 yóò gba oṣù 75 kó tó padà, ó lé ní ọdún mẹ́fà, a kò sì tíì ka èlé owó tí ẹ fẹ́ yá tàbí ọjọ́ tí kò ní sí iná. Ẹ̀rọ yẹn wà fún ẹni tó ń rẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tí wákàtí yín ń lọ gan-an ni orí iná. Ìdì mẹ́rin tí ẹ ń rà lọ́sẹ̀ tó kílò 33. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó èèpo rẹ̀, nǹkan bíi kílò 20 ló kù. Agbada yín ń gba bíi gíráàmù 800 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lo ìṣẹ́jú 12, ìgbà 25 ni ẹ óò da á, wákàtí márùn-ún gbáko. Sítóòfù yín lẹ́nu méjì, ẹnu kan ni ẹ ń lò. Ẹ ra agbada kejì pẹ̀lú ṣíbí oníhò tí a fi ń kó ìpékeré jáde, ₦40,000 ni ẹ sọ pé wọ́n ń tà á. Kò ní pín àkókò sí méjì gbọgba, torí ọwọ́ kan náà ni yóò máa yí méjèèjì, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún lè di mẹ́ta. Wákàtí mẹ́jọ lóṣù, ₦4,800. Yóò padà láàárín oṣù mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ kò sì ní yá owó. Ẹ má ṣe da ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ sínú agbada kan láti fi dọ́gbọ́n gba àkókò: òróró yóò tutù, ìpékeré yóò mu ún yó, ẹ óò fi òróró san owó àkókò tí ẹ rò pé ẹ jèrè.

Ọ̀rá 36 tó ń padà náà kì í ṣe kádàrá. Ìpékeré tó rọ̀ nínú ọ̀rá sábà máa ń jẹ́ èyí tí a dì nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ooru rẹ̀ sọ di omi nínú ọ̀rá, tàbí èyí tí ọ̀rá rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò lẹ̀ tán. Ẹ tẹ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan díẹ̀ lẹ́yìn lílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá jáde, ẹ tún un lẹ̀. Èyí tó ń rùn, òróró tí a ti lò lálòjù ni. Ẹ wọn òróró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ìpékeré kílò mẹ́sàn-án máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ mu lítà mẹ́ta, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ló lọ láìsí èyí tí ẹ dànù, iná kéré tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ jù nínú agbada. Bí ọ̀rá tó ń padà bá sì dín kù sí 12 lóṣù, ₦9,600 ló wọlé lórí èrè yín láìfi wákàtí kan kún un.

Ó ku ìdí tí ẹ kò fi rí owó kó jọ. ₦77,600 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín lóṣù. Bí kò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe báyìí: lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹ ka owó tó wà lọ́wọ́ òwò náà, gbèsè tí àwọn ṣọ́ọ̀bù jẹ yín, àti iye tí ẹ fi ra ọjà tó wà nílẹ̀. Ká ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦110,000. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ẹ tún un kà, ká ní ó di ₦127,000. ₦17,000 ló lé. Ẹ fi gbogbo owó tí ẹ mú nínú rẹ̀ fún ilé kún un, títí dórí owó ata àti ti ọkọ̀ ọmọ, ká ní ₦58,000. Èrè oṣù náà jẹ́ ₦75,000, ó sún mọ́ ₦77,600, òwò náà ń ṣe déédéé, ilé ni owó rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí àpapọ̀ méjèèjì bá jẹ́ ₦40,000 péré, ẹ padà sórí àkọsílẹ̀ èrè, nǹkan kan wà tí ẹ kò kọ. Bí ìlọsókè náà bá sì jẹ́ gbèsè nìkan, tí owó ọwọ́ ń dín kù lóṣooṣù, àwọn ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ń fi owó yín ṣòwò fún. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó oṣù yọ láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má kó ọ̀sẹ̀ kẹta fún un.

Ẹ ṣí àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún òwò náà, kí àwọn onísọ́ọ̀bù máa san owó sínú rẹ̀. Ẹ máa san ₦10,800 fún ara yín níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan bí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, wákàtí 18 ní ₦600, kí ẹ fi gbọ́ bùkátà, kí ẹ má fi ìyókù ṣe ohun mìíràn ju òwò náà lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ yọ owó olùrànlọ́wọ́ àti ti irinṣẹ́ tó ń gbó kúrò nínú ohun tó lé nínú àkáǹtì yẹn, ìyókù yóò sọ èrè owó yín fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ₦360,000 náà. Ó wúlò láti fi mọ̀ bóyá ó tọ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ìbéèrè bá di "ṣé kí n tẹ̀síwájú tàbí kí n pa á tì," ẹ má lò ó mọ́. Iye tí ẹ lè rí gbà padà lónìí ni kí ẹ lò: ká ní irinṣẹ́ ní àlòkù mú ₦110,000 wá, kí ẹ sì rí ₦110,000 gbà nínú gbèsè àti ọjà. ₦220,000 nìyẹn. ₦14,800 lórí rẹ̀ jẹ́ ìdá bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, kò sì sí ibi tí ẹ óò kó ₦220,000 lọ tí yóò máa pa bẹ́ẹ̀ láìséwu. Nítorí náà ẹ má pa á tì nítorí owó. Bí ẹ bá máa pa á tì, kó jẹ́ nítorí wákàtí: bí, lẹ́yìn agbada kejì àti ₦450, wákàtí yín ṣì wà lábẹ́ ₦600 fún oṣù méjì léraléra tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò wọ́n, alásè yẹn ń san ju òwò yín lọ.

Fún àsìkò òjò, ẹ kọ iye méjì sára ògiri ibi ìdáná: ₦6,900 àti ₦9,000. Bí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bá ti kọjá èyí àkọ́kọ́ ní Bódìjà, tí ẹ ṣì ń tà á ní ₦400, ẹ dín Sátidé kù sí méjì lóṣù, fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ nìkan. Bí ó bá dé èkejì, ẹ dá gáàsì dúró, kí ẹ lọ bá alásè dín nǹkan ní Sátidé títí yóò fi wálẹ̀.